Wẹ́bínà kì í ṣe ìpàdé: ta ló lè sọ̀rọ̀, ibo sì ni ìbéèrè ń gbà?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn ló ń wọ ìpàdé orí Zoom lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2020, tí àrùn kòrónà ti lé ayé wọlé, iye náà ti gòkè dé mílíọ̀nù 200. Àwọn jàǹdùkú náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ń já wọ ìpàdé onípàdé, wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń gbé àwòrán ìhòòhò síwájú àwọn ọmọ iléèwé, títí tí ẹ̀ka FBI ní Boston fi kéde ìkìlọ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹta. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Zoom tan ọ̀rọ̀ aṣínà àti yàrá ìdúró sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó.

Ẹnu ọ̀nà nìkan ni àtúnṣe yẹn ṣọ́. Ẹni tó bá ti wọ inú ìpàdé ti di ọmọ ilé: ó lè ṣí máíkì, ó lè tan fídíò, ó sì ń rí orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Olùgbàlejò lè gba àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rántí gbà wọ́n. Nínú wẹ́bínà, òdìkejì èyí ló ń ṣẹlẹ̀. Olùgbọ́ kò ní máíkì, kò ní fídíò, kò sì rí àwọn olùgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fún un láyè.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan fẹ́ kí dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru fún 300 ènìyàn tó wà káàkiri Ìbàdàn, London àti Houston. Ìpàdé ọ̀fẹ́ lórí Zoom kò lè gba ju 100 ènìyàn lọ, ìṣẹ́jú 40 ló sì ń lò, nítorí náà wọ́n máa sanwó lọ́nàkọnà. Wẹ́bínà tún ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní tèmi, owó náà tọ́ sí i níbi ọ̀rọ̀ àìsàn, nítorí pé ẹni tó ń lo oògùn ní ìkọ̀kọ̀ kò ní fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ rí orúkọ òun lójú ẹ̀rọ.

Olùgbàlejò, dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó máa bójú tó ìbéèrè wà lápá àwọn olùsọ̀rọ̀. Àwọn 300 yòókù jẹ́ olùgbọ́. Olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba líǹkì tirẹ̀ nínú ímeèlì, ibí yìí sì ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá fi inúure ju líǹkì tirẹ̀ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa wọlé bí olùsọ̀rọ̀, tòun ti máíkì àti fídíò. Kíá lẹ máa mọ̀: ẹ máa rí ẹni tí ẹ kò pè láàrin àwọn olùsọ̀rọ̀. Líǹkì ìforúkọsílẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá tan àyè ìdánrawò, ẹ̀yin àti àwọn olùsọ̀rọ̀ lè jọ wọlé ṣáájú, kí ẹ dán ohùn wò láìjẹ́ pé olùgbọ́ kankan gbọ́ yín, títí olùgbàlejò yóò fi tẹ `Start Webinar`.

Ìbéèrè ló jẹ mí lógún jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wẹ́bínà ń pàdánù. Nínú ìpàdé, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé á ṣí máíkì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ tún ibẹ̀ yẹn sọ." Nínú wẹ́bínà, àpótí `Q&A` ló máa kọ ọ́ sí. Dókítà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kò lè máa kà á, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti àpótí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Ká ní obìnrin kan kọ̀wé pé: "Mo dá oògùn mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú. Ṣé kí n máa wò ó báyìí?" Ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì. Ìbéèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú ẹsẹ̀ wú wúlò fún gbogbo ènìyàn, a sì lè gbé e fún dókítà pẹ̀lú `Answer live`. Ohun tí obìnrin náà yóò ṣe lọ́la jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nọ́ọ̀sì lè kọ èsì sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé kó tètè padà lọ bá dókítà tó kọ oògùn náà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣètò pé kí olùgbọ́ máa rí gbogbo ìbéèrè, ìkọ̀kọ̀ ti bàjẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan nǹkan. Fún irú ètò báyìí, kí wọ́n máa rí kìkì èyí tí a ti dáhùn ló dáa, kí a sì gbà wọ́n láyè láti béèrè láìdárúkọ.

Ẹ máa wo iye tó wà lábẹ́ `Open`. Bó bá ń pọ̀ tí `Answered` dúró sójú kan, ẹni tó ń bójú tó àpótí ti sùn sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí dókítà ti sọ̀rọ̀ jù.

Àwọn àgbà tí kò lè tẹ̀wé ńkọ́? Ẹni tó pè wọlé lórí fóònù lásán kò tilẹ̀ rí àpótí náà. Ó lè tẹ `*9` láti na ọwọ́ sókè, olùgbàlejò á sì tẹ `Allow to talk`. Ohùn nìkan nìyẹn fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú ẹnì kan hàn, `Promote to panelist` ló ń sọ olùgbọ́ di olùsọ̀rọ̀.

Nítorí pé dókítà kò rí ojú ẹnikẹ́ni, ìbò kékeré ló lè jẹ́ kó mọ àwọn tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: "Ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kẹ́yìn?" Ẹ gbé e jáde kí ọ̀rọ̀ tó wọra, ẹ jẹ́ kó wà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á dé, kí ẹ wá fi èsì hàn. Kí dókítà má sì sáré ṣèdájọ́. Bí 90 nínú 300 bá dìbò, tí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní àwọn kò wọ̀n ọ́n rí, ènìyàn 36 nìyẹn, kì í ṣe 120. Àwọn tó wà lórí fóònù lásán kò dìbò rárá.

Tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá fẹ́ jókòó jíròrò owó ètò náà, ìpàdé ni kí wọ́n ṣe. Wẹ́bínà kò ní yàrá ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé pín sí yàrá kéékèèké, ẹni 15 tó fẹ́ bára wọn jiyàn sì nílò láti rí ojú ara wọn. Ní ti ètò dókítà, iṣẹ́ kan ṣì kù lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ: kí olùgbàlejò gba àkọsílẹ̀ ìbéèrè sílẹ̀ láti orí Zoom, kó fi àwọn tí a kò tíì dáhùn ránṣẹ́ sí dókítà, kó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì tí àwọn olùgbọ́ fi forúkọ sílẹ̀.