Ẹja Títù: bí a ṣe ń yọ yìnyín ara rẹ̀ láìséwu

Ẹja Títù tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn kì í ṣe ẹja odò wa. Inú òkun tó tutù ní apá àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, wọn a sọ ọ́ di yìnyín, wọn a sì kó o wá fún wa nínú páálí. Bí ó bá ṣì wà nínú òtútù líle inú fíríísà, àwọn kòkòrò àìfojúrí ara rẹ̀ kò lè bí sí i. Ṣùgbọ́n òtútù ò pa wọ́n, ó kàn dá wọn dúró ni. Ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, ibi tí a bá sì gbé ẹja náà sí ni yóò sọ bí iṣẹ́ ọ̀hún yóò ṣe yá tó.

Ká ní ìyá kan ní Bẹyerunka ra Títù kan tó tó ìdajì kílò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó gbé e sínú abọ́ lórí kántà, ó fi àwo dé e nítorí eṣinṣin, ó wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ ní Bẹẹrẹ. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹja á ti rọ̀ kí òun tó dé ní aago méjì. Oṣù kẹta ni, abẹ́ páànù ni ilé ìdáná wà, ooru ibẹ̀ sì ti kọjá dìgírì 32. Kí aago mẹ́wàá tó lù, awọ ẹja náà ti rọ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti nípọn, yóò ṣì le gbagidi. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, awọ àti ẹran tó sún mọ́ ọn ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, bẹ́ẹ̀ àárín ò tíì gbóná rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àárín yẹn á ní ẹja náà ṣì tutù, kò séwu. Ara òde ni ewu wà.

Ohun tó fà á ni pé ooru tí yìnyín ń gbà kó tó yọ́ pọ̀ gan-an. Èyí tí kílò yìnyín kan ń gbà kó tó di omi lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí omi náà ń gbà láti òtútù yìnyín títí dé dìgírì 80. Èyí tó tún wá burú ni pé ẹran tó ti yọ́ lóde kì í jẹ́ kí ooru ráyè wọlé bí ẹran tó ṣì dì ṣe ń ṣe. Ó dà bí aṣọ òtútù tí a fi bo àárín. Àárín á wá dúró lórí dídì, òde á sì máa gbóná sí i láti wákàtí dé wákàtí.

Láàárín dìgírì 4 sí 60 ni kòkòrò àìfojúrí ti máa ń pọ̀ jù, inú ìwọ̀n yìí sì ni gbogbo ilé ìdáná Ìbàdàn wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn dáadáa, àwọn mìíràn nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà fi ní kí ẹran tàbí ẹja tútù má lò ju wákàtí méjì lọ níta, kó má sì ju wákàtí kan lọ bí ooru bá ti kọjá dìgírì 32. Ẹja ìyá Bẹyerunka ti lo márùn-ún.

“Ṣebí iná á pa gbogbo ẹ̀!” Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ nìyẹn. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò. Ọ̀rọ̀ Títù ló yàtọ̀. Èròjà kan wà nínú ẹran ara rẹ̀ tí àwọn kòkòrò kan máa ń sọ di ohun mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hísítámínì, bí ẹja bá ti pẹ́ nínú ooru. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in, ẹ yan án, kódà kí ẹ tún dá a padà sínú fíríísà, hísítámínì yìí ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹja náà lè má rùn rárá, kí ojú rẹ̀ ṣì máa dán. Nígbà mìíràn, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á kàn rí i pé ó ń ta òun lẹ́nu bí ata, nínú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ò pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì, ojú á pọ́n, orí á máa fọ́, ara á máa yún, àyà á máa lù kìkì, inú sì lè máa ṣí. Àwọn èèyàn á ní ẹja ò bá a lára mu. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, irú ẹja kan náà tí a tọ́jú dáadáa ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ọ̀nà tó dára jù láti yọ yìnyín rẹ̀ ni pé ká gbé ẹja sí ìsàlẹ̀ fíríìjì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nínú abọ́ tó jinlẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má bàa kán sórí oúnjẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n fíríìjì tí kò sí iná fún láti alẹ́ mọ́jú ò yàtọ̀ sí àpótí lásán. Nítorí náà, omi yìnyín ni mo fara mọ́ jù fún ilé tí iná ò bá dúró. Ẹ fi ẹja sínú ọ̀rá tí kò jò, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ rì í sínú abọ́ omi, kí ẹ wá ju piọ wọ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó ti dì sínú omi náà. Àwọn tó ń kọ ìlànà yìí nílẹ̀ òyìnbó máa ń ní ká lo omi ẹ̀rọ, torí pé omi ẹ̀rọ tiwọn tutù. Omi kànga àti omi táǹkì tiwa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kò lè dá ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ki ọwọ́ bọ omi náà. Bí kò bá tutù débi tí ọwọ́ á fi fẹ́ kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi piọ wọ́tà mìíràn kún un. Omi ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 20, ìdí nìyẹn tó fi ń yára yọ yìnyín bó tilẹ̀ tutù.

Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá yọ́ tán. Bí ọ̀bẹ bá ti lè wọ ikùn rẹ̀, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ la ikùn, ẹ kó ìfun jáde nígbà tó ṣì dì díẹ̀, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ sì dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀, iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà. Ẹ dé e, iná rẹ̀ ò gbọdọ̀ le jù. Ẹja tó ṣì dì máa ń gbà tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ àkókò tí èyí tó ti rọ̀ ń gbà. Ó jinná bí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀, tí kò sì sí ibi tó ń dán gbinrin bíi gíláàsì mọ́. Ẹ má ju ẹja tó ní yìnyín lára sínú òróró gbígbóná o, òróró á ta síni lójú.

Kí a tó kúrò ní ọjà gan-an ni aago ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ẹja inú páálí bá ti rọ̀, tí omi pupa sì ti dúró sí ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja pé, “Ẹ̀yin ìyá, ìgbà wo lẹ gbé e jáde?” Èyí tó ṣì dì ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì rà á kẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín gé e nígbà tó ṣì le, kí ẹ pín in sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, ìwọ̀n ìkòkò kan fún ọ̀rá kan. Nílé, ẹ ò ní máa yọ yìnyín odidi ẹja nítorí ègé méjì.

Ẹja tó bá ti rọ̀ lórí kántà fún wákàtí púpọ̀, ẹ dà á nù, bó ti wù kó wọ́n tó. Bí ẹnì kan bá sì ti jẹ irú rẹ̀, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tàbí tí kò rí èémí mí dáadáa, ẹ má fi àgbo tàbí epo pupa dá a dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú ẹja tó jẹ àti aago tó jẹ ẹ́.