Àmì Funfun Inú Àwòrán Ọpọlọ: Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Wo Ló Wà Nídìí Rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ẹni ọdún 58 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà, orí sì ń fọ́ ọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ Ẹ́mááráì ya ọpọlọ rẹ̀, èsì sì ní àmì funfun wà káàkiri: ó lè jẹ́ mọ́típù sìkìlẹ̀rósíìsì, ó sì lè jẹ́ ti ọjọ́ orí. Ta ni irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ní dẹ́rù bà?

Funfun náà nìkan kò tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Nínú àwòrán FLAIR, ibi tí omi bá pọ̀ jù nínú ẹran ọpọlọ ló máa ń funfun, ohun yòówù kó fà á. Ibi tí àmì wà ni ká wò, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí àìsàn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Nínú mọ́típù sìkìlẹ̀rósíìsì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń ba ọ̀rá tó bo àwọn okùn inú ọpọlọ jẹ́. Inú àwọn iṣan kéékèèké tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni wọ́n ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yí irú iṣan bẹ́ẹ̀ ká. Bí iṣan wọ̀nyí ṣe ń ti ara ihò olómi àárín ọpọlọ nà jáde ni àmì ń tẹ̀ lé e, bí ìka ọwọ́. Ìka Dọ́sìnì ni àwọn dókítà ń pè é, ní orúkọ oníṣègùn tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1916. Àmì náà tún máa ń wà lábẹ́ èèpo ọpọlọ gan-an, àti nínú okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ti àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan tíntín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá ni ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń mú kí ògiri wọn nípọn, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé inú lọ́hùn-ún dáadáa. Àmì kéékèèké á wà nínú ọ̀gbun ọpọlọ lápá méjèèjì. Ibi tó wà lábẹ́ èèpo gan-an sábà máa ń yè, torí iṣan kúkúrú mìíràn ló ń bọ́ ọ. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn náà kì í sábà ní àmì. Ohun tó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gba etí ihò olómi lọ lára àgbàlagbà. Ìlà yẹn a máa dán, kì í ní ìka.

Ti obìnrin wa yìí ńkọ́? Inú ọ̀gbun ni àmì rẹ̀ wà, púpọ̀ nínú wọn kò tó mílímítà mẹ́ta, kò sí ìka, kò sí ohunkóhun nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ kan kò ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kú tipiri rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbájú mọ́. Ìlànà Makidónáàdì tí wọ́n fi ń dá mọ́típù sìkìlẹ̀rósíìsì mọ̀, ẹni tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti ṣe ni wọ́n ṣe é fún ní pàtàkì, kì í ṣe ẹni tí orí fọ́ lásán. Tí wọ́n bá fi í lé e lórí, ó lè máa lo oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù láìnídìí, kí ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ba ọpọlọ jẹ́ lọ.

Àìsàn méjèèjì sì lè pàdé lára ẹnì kan. Bí àwòrán kò bá yanjú, dókítà lè ní kí wọ́n ya èyí tó ń fi iṣan àárín àmì hàn, tàbí kí wọ́n fa omi ẹ̀yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò.