Páálí 355 ni, kì í ṣe 1,400

Orí maṣíìnì ìránṣọ 300, òwú ìránṣọ 1,000 dọ́sìnì, abẹ́rẹ́ maṣíìnì 100 páàkì. Ẹrù tí oníbàárà wa kan, Alájà tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, rà láti Ṣáínà nìyẹn, inú kọ̀ńténà kékeré kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ọkọ̀ ojú omi kò tíì gúnlẹ̀ sí Àpápá tí àwọn ìwé rẹ̀ fi dé orí tábìlì wa. Iṣẹ́ tiwa, àwa tí àwọn èèyàn ń pè ní ejẹ́ntì, ni pé ká fi ìwé wọ̀nyẹn kún fọ́ọ̀mù tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa ń pè ní SGD, ìyẹn ìwé tí a fi ń kéde ohun tó wà nínú ẹrù àti iye tó jẹ́.

Ìwé méjì ni fọ́ọ̀mù náà gbára lé jù. Àkọ́kọ́ ni ínfọ́ìsì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tajà ni: ohun tó tà, iye tó tà, iye owó ẹyọ kan, àpapọ̀ owó, àti àdéhùn lórí ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Èkejì ni pákíǹ lísìtì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó di ẹrù ni èyí: páálí mélòó, kí ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, báwo ló ṣe wúwo tó. Kì í sábà sí owó nínú rẹ̀ rárá. Fọ́ọ̀mù SGD pín sí àwọn àyè tó ní nọ́ńbà, àyè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé tó bí i. Nínú àṣìṣe tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ìṣirò. Àyè tí pákíǹ lísìtì bí ni wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì kún.

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà ló kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù ẹrù Alájà. Ní àyè 6, níbi tí wọ́n ti ń béèrè àpapọ̀ iye ẹrù tí a dì, ó kọ 1,400. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i.

"Ọ̀gá, mo ro wọ́n pọ̀ ni, sà. 300, 1,000, àti 100."

Ìṣirò rẹ̀ pé. Ibi tó ti mú un ni kò tọ́. Àyè 6 kò béèrè ohun tí Alájà rà, ohun tí àwọn alábàárù yóò gbé sọ̀kalẹ̀ ló ń béèrè. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ínfọ́ìsì ló ṣì í lọ́nà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Orí maṣíìnì kan ló wà nínú páálí kan, nítorí náà 300 tó wà nínú ínfọ́ìsì bá 300 tó wà nínú pákíǹ lísìtì mu rẹ́gí. Ó rí i pé ìwé méjèèjì ń sọ ohun kan náà, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí dé ìsàlẹ̀. Kò wo pákíǹ lísìtì mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ìlà kejì ni ọ̀nà ti yà. Dọ́sìnì ni wọ́n fi ta òwú, ṣùgbọ́n dọ́sìnì 20 ni wọ́n dì sínú páálí kọ̀ọ̀kan. 1,000 pín sí ọ̀nà 20 jẹ́ 50. Páàkì abẹ́rẹ́ 20 ló wà nínú páálí kan, torí náà 100 di páálí 5. 300, 50 àti 5 jẹ́ 355, iye yìí gan-an ló sì wà nínú ìwé tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ nígbà tó gba ẹrù. Dọ́sìnì 1,000 náà kì í ṣe irọ́, ó ní ibi tirẹ̀ nínú àpèjúwe ọjà ní àyè 31. Ṣùgbọ́n iye páálí òwú tí a ń kọ sí àyè 31 yẹn kan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 50.

Bí 1,400 bá lọ báyìí ńkọ́? Ìwé ọkọ̀ wí pé 355, ìkéde wí pé 1,400, àwọn aṣọ́bodè yóò sì béèrè ibi tí páálí 1,045 gbà lọ. Wọ́n lè ní kí a tú kọ̀ńténà náà kanlẹ̀, kí wọ́n kà á. Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń ka owó ìdádúró kọ̀ńténà tó bá ti kọjá ọjọ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ni ọgbà èbúté náà ń ka owó ààyè. Bó bá wá jẹ́ pé ohun tó wà nínú kọ̀ńténà ló pọ̀ ju ohun tí a kéde lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àṣìṣe, ẹrù tí a fi pamọ́ ni wọn yóò kà á sí.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ àṣìṣe yìí kó tó kúrò lórí tábìlì, òun ni mo sì kọ́ ọmọkùnrin náà. Ẹ mú ìwúwo ìlà kan, ẹ fi iye páálí tí ẹ kọ pín in, kí ẹ wá bi ara yín bóyá irú páálí bẹ́ẹ̀ wà. Òwú Alájà, pẹ̀lú páálí tí wọ́n fi dì í, jẹ́ kílò 1,100. Bí a bá fi 1,000 pín in, páálí kọ̀ọ̀kan yóò wọn kílò kan àti díẹ̀. Páálí wo ló gba òwú dọ́sìnì 20 tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí a bá fi 50 pín in, kílò 22 ni, iye tí pákíǹ lísìtì náà sì kọ síwájú páálí òwú kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Ìwúwo fúnra rẹ̀ ní àyè méjì, kò sì yẹ kí wọ́n dọ́gba. Àyè 35 ń béèrè ìwúwo ọjà pẹ̀lú ohun tí a fi dì í, àyè 38 ń béèrè ìwúwo ọjà lásán. Fún ẹrù Alájà, àpapọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ kílò 5,060, ti èkejì jẹ́ 4,650. Kílò 410 tó kù láàárín wọn ni páálí àti ọ̀rá. Tí ẹ bá rí ọjà inú páálí tí nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹnì kan ló dà á kọ láìwò. Tí ẹ bá sì rí i pé ìwúwo inú ìkéde fi bíi tọ́ọ̀nù méjì ju ti pákíǹ lísìtì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irin kọ̀ńténà ni wọ́n rò mọ́ ọn. Láti ọdún 2016 ni òfin ààbò ojú omi lágbàáyé ti ní kí wọ́n wọn kọ̀ńténà àti ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, ìwé ìwọ̀n yẹn a sì máa dé ọwọ́ ejẹ́ntì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń sọ, kò ní àyè kankan nínú SGD.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kàn, ibẹ̀ ni àpò ti ń jò. Nínú ínfọ́ìsì Alájà, orí maṣíìnì jẹ́ dọ́là 12,000, òwú 6,000, abẹ́rẹ́ 2,000. Àpapọ̀ jẹ́ 20,000. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó tajà kọ owó ọkọ̀ dé Àpápá, 2,400, ó wá fi ìlà sí i nídìí, ó kọ 22,400. Nọ́ńbà méjì nìyẹn tó dà bí àpapọ̀. Èwo ni yóò wọ àyè 22, níbi tí wọ́n ti ń béèrè iye owó ínfọ́ìsì?

Èsì rẹ̀ wà ní àyè 20, níbi tí a ti ń kọ lẹ́tà mẹ́ta tó sọ àdéhùn owó ọkọ̀. FOB túmọ̀ sí pé owó náà parí sí ìgbà tí ẹrù wọ ọkọ̀ ní Ṣáínà, CFR sì túmọ̀ sí pé owó ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. FOB àti 20,000 jọ ń rìn ni, CFR àti 22,400 náà jọ ń rìn. Ní Nàìjíríà, orí iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò ni wọ́n ti ń ṣírò owó ibodè. Òfin ilẹ̀ wa sì ní kí a gba ìbánigbófò ẹrù tó ń wọlé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ níbí, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó rí i nínú ínfọ́ìsì ará Ṣáínà. Alájà san dọ́là 100 fún tirẹ̀ ní Èkó. Iye tó yẹ kí wọ́n bá a ṣírò lé lórí ni 22,500.

Ká wá ní akọ̀wé kan kọ FOB, ó sì kọ 22,400 sí àyè 22. Yóò tún kọ owó ọkọ̀ 2,400 sí àyè tirẹ̀, nítorí FOB ń béèrè rẹ̀. Iye náà á di 24,900, Alájà á sì san owó ibodè lórí owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó dájú pé yóò pè é padà kó wá gba èlé yẹn. Ká ní ó kọ CFR, ó kọ 20,000, owó ọkọ̀ ti pòórá nìyẹn, ìwé pé "ẹ wá san àjẹkù" sì máa dé. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni àyè 42, níbi tí iye owó ìlà kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ ro àyè 42 gbogbo ìlà pọ̀. Bí kò bá jẹ́ iye tó wà ní àyè 22 gẹ́lẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá yan CFR, ẹ gbọ́dọ̀ pín owó ọkọ̀ sórí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 2,400 jẹ́ ìdá 12 nínú 100 ti 20,000, nítorí náà orí maṣíìnì di 13,440, òwú 6,720, abẹ́rẹ́ 2,240. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo, nítorí owó ibodè oríṣi ọjà kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì.

Orúkọ ọjà náà ní wàhálà tirẹ̀. "Òwú" nìkan ni wọ́n kọ sínú ínfọ́ìsì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí a ń fún òwú ìránṣọ ní àyè 33 yàtọ̀ bó bá jẹ́ òwú inú oko tàbí polẹ́sítà. A ní kí Alájà béèrè, polẹ́sítà ni, ẹni tó tajà sì kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì tuntun. Òǹtajà yìí ní ọ́fíìsì ní Họ́ńgì Kọ́ńgì, ṣùgbọ́n Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Àdírẹ́sì òkè ínfọ́ìsì kọ́ ni àyè 34 ń béèrè, ilẹ̀ tí a ti ṣe ọjà ni, nítorí náà CN la kọ síbẹ̀, orúkọ ará Họ́ńgì Kọ́ńgì sì lọ sí àyè ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́.

Ìgbà tí mo rò pé a ti parí ni ọmọkùnrin yẹn pè mí. Ó ti ń ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, bí pákíǹ lísìtì ṣe tò wọ́n: orí maṣíìnì 1 dé 300, òwú 301 dé 348, abẹ́rẹ́ 351 dé 355.

"Ọ̀gá, páálí 50 ni wọ́n kọ síwájú òwú, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 48. 349 àti 350 dà, sà?"

Ó rí ohun tí èmi kò rí. Àwọn kan á mú báírò, wọ́n á sọ 348 di 350, wọ́n á máa lọ. Ìwé ẹlòmíràn ni, a kì í tún un ṣe fún un, nítorí a kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń di ẹrù. Ó lè jẹ́ pé ìka ló ṣì tẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ pé páálí méjì kò wọ kọ̀ńténà lóòótọ́. Alájà kọ̀wé sí òǹtajà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn ló ṣì í tẹ̀, ó fi pákíǹ lísìtì míì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ránṣẹ́, ìgbà náà la tó fi ìkéde wa sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ̀ńténà ní Àpápá, ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé mi lọ. Páálí 349 àti 350 wà nítòsí ilẹ̀kùn, dọ́sìnì 20 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.