Lẹ́tà Tó Ń Sọ Pé A Kò Gbà Yín

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń wá akọ̀wé owó kan ṣoṣo, tí ọgọ́rin èèyàn sì kọ̀wé wá, mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú wọn ni kò ní rí i gbà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n á ní “a ó pè yín,” wọ́n á sì dákẹ́ lọ gbáà. Àwọn tó ń gbìyànjú láti fèsì pàápàá, ẹ̀dà lẹ́tà kan náà ni wọ́n ń rán sí gbogbo ayé. Ẹ wo èyí, mo kọ ọ́ ní àwòṣe irú èyí tó wọ́pọ̀:

“Olùwáṣẹ́ Ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ púpọ̀ fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí ilé-iṣẹ́ wa tó gbajúmọ̀. Àwọn tó kọ̀wé wá pọ̀ jọjọ, ìwé-ẹ̀rí yín sì wú wa lórí gan-an. Ó dùn wá pé a kò ní lè tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ yín lásìkò yìí. A ó tọ́jú ìwé yín sínú fáìlì, a ó sì kàn sí yín bí àyè bá ṣí sílẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ̀wẹ̀sì o, Ọlọ́run yóò ṣe é.”

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ fi ara yín sípò ẹni tó gbà á. Wọ́n ní “lásìkò yìí,” ṣé tó bá di oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ìwé òun wú wọn lórí, wọ́n ní àwọn á kàn sí òun. Obìnrin tó ka lẹ́tà yìí lè torí ẹ̀ má gba iṣẹ́ kékeré tí ẹnì kan fi lọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ó rò pé iṣẹ́ ńlá ṣì ń bọ̀. Fóònù rẹ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà náà ti gbàgbé rẹ̀ ní tiwọn, nítorí fáìlì tí wọ́n ń wí kò sí, tàbí kó wà nínú páálí kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo máa ń fi yẹ gbólóhùn fáìlì yẹn wò: ta ni yóò ṣí i, ọjọ́ wo sì ni? Bí ọ̀gá tó ń gbanisíṣẹ́ bá lè dárúkọ ẹni náà àti oṣù náà, kó kọ ọ́. Bí kò bá lè dá a lóhùn, kó yọ gbólóhùn náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n fi ń ṣáájú ńkọ́? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tútù tẹ́lẹ̀ kí ìròyìn burúkú tó dé. Kitty Locker, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, dán ìmọ̀ràn yìí wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oríṣi lẹ́tà méjì kà: èyí tí wọ́n fi kọ̀ láti yáni lówó, àti èyí tí wọ́n fi kọ̀ láti gbani wọlé sí ẹ̀kọ́ oyè gíga. Ọ̀rọ̀ tútù ìbẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí ojú tí wọ́n fi wo lẹ́tà náà padà. Níbi tí olùkọ̀wé ti wá ń polówó ara rẹ̀ gidigidi, ṣe ló tún ba nǹkan jẹ́ sí i. Lẹ́tà iṣẹ́ kọ́ ló dán wò, àmọ́ ó tó láti mú ká má bẹ̀rù àtisọ ojú abẹ níkòó.

Èyí ni mo fi tún ti àkọ́kọ́ kọ, fún obìnrin kan tó wá ṣe íńtáfíù iṣẹ́ akọ̀wé owó:

“Arábìnrin” (orúkọ rẹ̀ gan-an ni kó tẹ̀ lé e), “ẹ wá bá wa ṣe íńtáfíù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta fún iṣẹ́ akọ̀wé owó. A kò yàn yín fún iṣẹ́ náà. A ti gba ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì ti fọwọ́ sí ìwé.

“Ìkéde wa béèrè ẹni tó ti ṣe ìṣirò owó-oṣù òṣìṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé fún wa, owó ọjà tó ń wọlé ni ẹ ti ń bójú tó, ẹ kò tíì ṣe ti owó-oṣù. Ìdí tí a kò fi yàn yín nìyẹn. Ìdáhùn yín lórí bí a ṣe ń fi àkọsílẹ̀ wa wé ti báǹkì péye, kò sì sí àléébù níbẹ̀.

“A kì í tọ́jú ìwé àwọn tí a kò gbà. A ó pa ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí yín rẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá rí ìkéde wa mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè kọ̀wé tuntun, ojú tí a fi ń wo ti gbogbo èèyàn la ó fi wò ó. Ẹ ṣeun tí ẹ yọ̀ǹda àkókò yín.”

Lẹ́yìn èyí, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ipò rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù.

Gbólóhùn kejì ni ìdáhùn ti jáde, kò sì sẹ́ni tó máa kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e. Ìdí tí wọ́n sọ wà nínú ìkéde láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bí wọ́n bá lọ fa ohun tí wọn kò béèrè tẹ́lẹ̀ yọ, olùwáṣẹ́ á mọ̀ pé àwáwí ni. Ìyìn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ohun kan tó ṣe lójú wọn, ó lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní íńtáfíù míì. Wọn kò fi í wé ẹni tí wọ́n gbà. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni wọ́n fún níṣẹ́ (ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó ń ṣẹlẹ̀), kí wọ́n fi ìdí sílẹ̀, kí wọ́n má pa irọ́. Ẹni tó kàn fi ìwé ránṣẹ́ tí wọn kò pè fún íńtáfíù, gbólóhùn mẹ́ta tó o.

Mo yọ àdúrà ìparí náà kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní lẹ́tà Yorùbá tí kò ní àdúrà ti le jù. Àdúrà dára lẹ́nu ìyá ẹni àti ọ̀rẹ́ ẹni. Lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun kò gbani, ó jọ ìgbà téèyàn fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n yàn bá ti fọwọ́ sí ìwé ló yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, kì í ṣe ṣáájú, nítorí òun náà lè yí ọkàn padà. Bí ẹnì kan bá wà tí wọ́n lè pè bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀, kí wọ́n sọ fún un pé òun ló wà ní ipò kejì, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni kí ímeèlì lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó àdírẹ́sì gbogbo olùwáṣẹ́ sí ojú kan, tí kálukú ń wo orúkọ ẹni tí wọ́n jọ já. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fàyè gba irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀. Kò sì gbà kí wọ́n tọ́jú ìwé ẹni kọjá ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀, ìdí kan nìyẹn tí ọjọ́ ìpa-ìwé-rẹ́ fi wà nínú lẹ́tà.

Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ yóò dún, kí ẹni tó ni ín mọ̀. Obìnrin náà lè pè láti bẹ̀bẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un wò, mo lè kọ́ ìṣirò owó-oṣù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.” Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn jẹ́. Àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á ní “ó dáa, a ó máa wò ó,” gbogbo ohun tí lẹ́tà ti là sílẹ̀ á sì tún di àdììtú. Ohun tó yẹ kó sọ kò gùn: “Mo gbọ́ yín, mà. Ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà, kò sì sí àyè mìíràn lọ́dọ̀ wa. Bí ìbéèrè bá wà lórí íńtáfíù yín, mo lè dáhùn rẹ̀ báyìí.”