Ìbéèrè méjì lórí ìdọ́gba onípele kẹta

Ẹ wo ìdọ́gba méjì yìí:

x³ − 3x + 1 = 0
x³ − 4x + 1 = 0

Nọ́ńbà kan péré ló mú wọn yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní gbòǹgbò mẹ́ta, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́ta tí a lè fi rọ́pò x kí gbogbo rẹ̀ di òdo. Ṣùgbọ́n tí a bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí Évariste Galois, ọmọ Faransé tó kú lẹ́ni 20 ọdún ní 1832, gbé kalẹ̀, ìdáhùn wọn ò ní bára mu rárá.

Ohun tí Galois fẹ́ mọ̀ nìyí: ọ̀nà wo la lè gbà pààrọ̀ ipò àwọn gbòǹgbò láàárín ara wọn, tí ọ̀rọ̀ òtítọ́ kankan tí a fi odidi nọ́ńbà tàbí ìdá sọ nípa wọn ò fi ní di irọ́? Àkójọ àwọn ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ Galois. Ọ̀nà mẹ́fà ló wà fún nǹkan mẹ́ta: ká fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ká pààrọ̀ méjì ká fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ (ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn), tàbí ká yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì. Mélòó nínú mẹ́fà yìí ló ń yè é?

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni bóyá gbòǹgbò kankan jẹ́ odidi tàbí ìdá. Irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ò lè kúrò lójú kan, torí “gbòǹgbò yìí jẹ́ 1” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́ fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le: tí gbogbo nọ́ńbà inú ìdọ́gba bá jẹ́ odidi, tí kò sì sí nọ́ńbà kankan níwájú x³, gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi tó pín nọ́ńbà ìkẹyìn láìṣẹ́kù. 1 ni ìkẹyìn nínú méjèèjì, nítorí náà 1 àti −1 nìkan la ó dán wò. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n fún wa ní −1 àti 3. Nínú ti kejì, −2 àti 4. Kò sí òdo níbẹ̀. Tó bá ti rí báyìí, ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́fà ló kù, kò sí òmíràn.

Ìgbà yìí la wá ń wá nọ́ńbà aṣèyàtọ̀. Fún x³ + px + q, òun ni −4p³ − 27q². Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 108 − 27, ìyẹn 81. Ti kejì jẹ́ 256 − 27, ìyẹn 229. 81 jẹ́ 9 lọ́nà 9, ṣùgbọ́n kò sí odidi tàbí ìdá tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní 229. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni ìdọ́gba àkọ́kọ́ ní, ìkejì sì ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Kí ló fà á? Àwọn gbòǹgbò àkọ́kọ́ sún mọ́ 1.532, 0.347 àti −1.879. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta kúrò nínú ìkejì, àkọ́kọ́ kúrò nínú ẹ̀kẹta, kí ẹ sì sọ àwọn ìyàtọ̀ náà di púpọ̀: 1.185 × 2.226 × −3.411. −9 ló máa jáde, bí a bá fojú fo ìwọ̀nba tí a gé kù. Aṣèyàtọ̀ ni nọ́ńbà yìí lọ́nà ara rẹ̀. Tí a bá pààrọ̀ gbòǹgbò méjì, −9 di 9, ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì di irọ́. Nítorí náà pípààrọ̀ méjì ò ṣeé ṣe. Tí a bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, −9 ò yí padà. Ní ti 229, odidi tàbí ìdá kọ́ ni ohun tó wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí pípààrọ̀ máa bàjẹ́.

A tiẹ̀ lè fojú rí yíyípo yẹn. Ẹ sọ 1.532 di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ yọ 2: 0.347 nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0.347, ẹ ó kan −1.879 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ tún un ṣe, ẹ ó padà sí 1.532. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń sáré lọ bá aṣèyàtọ̀ láìwo gbòǹgbò. Ti x³ − 7x + 6 jẹ́ 1372 − 972, ìyẹn 400, 20 lọ́nà 20. Alákàánjú á ní ọ̀nà mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n 1, 2 àti −3 ni gbòǹgbò rẹ̀; kò sí èyí tó lè mira, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Bí ọ̀kan péré bá jẹ́ odidi tàbí ìdá, bí i ti x³ − 2x + 1 tí 1 jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, àwọn méjì tó kù nìkan ló lè pààrọ̀ ara wọn. Aṣèyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.

Ìkẹyìn, −4p³ − 27q² ò wúlò níbi tí x² bá wà. Ẹni tó fi ojú fo x² nínú x³ + x² − 2x − 1 á rí 32 − 27, á ní 5 ni, á sì kéde mẹ́fà. Irọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi y − 1/3 rọ́pò x. Gbogbo gbòǹgbò á jọ sún ní ìwọ̀n kan náà, ìyàtọ̀ àárín wọn ò sì ní yí padà. Ó di y³ − (7/3)y − 7/27, aṣèyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1372/27 − 49/27, ìyẹn 49. 1 àti −1 kì í ṣe gbòǹgbò ìdọ́gba náà, 49 sì jẹ́ 7 lọ́nà 7: mẹ́ta ni.