Ìwé ọpítà tí wọ́n fi Faransé kọ: bí ẹni tó ń kà á fún ìyá ọmọ kò ṣe ní ṣi ìlò oògùn sọ

Ní Kétu àti láwọn abúlé tó yí i ká, ohun kan wọ́pọ̀ nígbà tí ọpítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Wọ́n á kọ ìwé kan lé e lọ́wọ́, Faransé ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́, nítorí òun ni èdè ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀. Ìyá ọmọ tí kò gbọ́ Faransé á wo ọ̀tún, á wo òsì, á pe ọmọ iléèwé kan tàbí ará àdúgbò tó kàwé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Láti ìgbà tí onítọ̀hún bá ti gba ìwé náà, ohun tó bá sọ ni ìyá yóò ṣe. Bó bá sọ hóró mẹ́ta dípò méjì, mẹ́ta lọmọ yóò gbé mì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ lónìí, ká lè rí ibi tí ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa pàápàá ti lè ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan tó wọn kílò 18 ni. Ibà tó le gan-an ló gbé e dé ọpítà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìlò àkọ́kọ́ nínú oògùn oníhóró ní aago méjì ọ̀sán, ó sì kọ èyí sínú ìwé:

"AL 20/120 : 2 cp à H0, 2 cp à H8, puis 2 cp matin et soir à J2 et J3, au repas."

"Paracétamol sirop 120 mg/5 ml : 7,5 ml si fièvre, espacer de 6 h, max 4 fois/j."

"Contrôle dans 8 jours. Revenir si urines foncées."

Ìlà mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ kà á má tíì la ẹnu. Kó kọ́kọ́ fi ojú ka gbogbo rẹ̀ tán, nítorí ẹni tó bá ń kà tó sì ń túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò ti sọ ìbẹ̀rẹ̀ kó tó rí ohun tó wà ní ìparí. Nínú ìlà kìíní yìí, ìparí gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ọmọ jẹun sí i. Bí lẹ́tà kan kò bá hàn dáadáa, kó padà bi nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó kúrò nínú ọgbà ọpítà. Iye oògùn kì í ṣe ohun tí à ń méfò.

Ẹ wo "H8" tó wà níbẹ̀. Nínú èdè Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe aago mẹ́jọ àti wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó bá yára á sọ fún ìyá pé, "Ẹ fún un ní méjì mìíràn ní aago mẹ́jọ." Bí ìyá bá gbà pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni, wákàtí mẹ́fà péré ló fi sáàárín. Bó bá sì gbà pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni, wákàtí méjìdínlógún ti kọjá, àwọn kòkòrò ibà tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì ti rí àyè. Ohun tí ìwé ń sọ ni pé kí wákàtí mẹ́jọ pé lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kà á bi nọ́ọ̀sì pé, "Aago mélòó lọmọ lo ti àkọ́kọ́?" Bí wọ́n bá ní aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìlò kejì. Kó sọ aago mẹ́wàá yẹn sókè létí nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i, kó tó sọ ọ́ fún ìyá.

Ìlà kejì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àmì ìdánudúró kékeré wà láàárín 7 àti 5. Àwọn tó kàwé ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń gba Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ wá ná ọjà, ojúàmì ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ń fi ìdánudúró kọ ọ́. Méje àti ààbọ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè é ní márùndínlọ́gọ́rin, tàbí kó sọ pé "méje, márùn-ún", kí ìyá sì rò pé ṣíbí méje ni, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Oògùn yìí máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹ ara ẹni wò: ká wo ìgò. Bó bá jẹ́ ìgò tó gba mílílítà 100, ìlò kan kò lè gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí iye tí a kà kò bá bá ìgò mu, àwa la ṣì í kà.

Kó má sì sọ "ṣíbí" lásán. Ṣíbí tí wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ nílé kò dọ́gba; òmíràn gba mílílítà márùn-ún, òmíràn gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó mú ìdérí tàbí ṣíbí tó wà nínú páálí oògùn náà, kó fi èékánná tọ́ka sí ìlà méje àti ààbọ̀, kí ìyá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí kò bá sí òdiwọ̀n kankan nínú páálí, kó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ìṣòro tó tẹ̀ lé e, èdè Yorùbá tiwa ló ni ín. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà, ó sì ní òmíràn fún ara gbígbóná. Àwa ń pe méjèèjì ní ibà. Bí ẹni tó ń kà á bá sọ pé, "Oògùn olómi yìí, ẹ fún un bí ibà bá wà," ìyá á ronú pé, "Ibà náà kúkú ni wọ́n ní ó ń ṣe ọmọ mi." Á wá máa fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójoojúmọ́, bí ara ọmọ tilẹ̀ tutù. Ohun tó yẹ kó sọ ni: "Bí ara rẹ̀ bá gbóná nìkan." Bí ara kò bá gbóná, kò sí ìdí láti lò ó.

Ìlà kẹta ní ọjọ́ mẹ́jọ nínú. Níbí, Faransé àti Yorùbá jọra díẹ̀. Bí a bá ní ìjẹ́jọ òní, a ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún. Faransé náà sábà máa ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó bá ń ṣe ìṣirò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la, kó sì gbé e dé Ọjọ́rú. Kó béèrè orúkọ ọjọ́ náà, kí nọ́ọ̀sì kọ déètì sí i. Orúkọ ọjọ́ ni ìyá yóò rántí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó lè la ẹnu báyìí pé:

"Ìyá, oògùn méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ni oníhóró yìí, ti ibà ni. Hóró méjì lọmọ ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ó ti lo méjì ní aago méjì ọ̀sán òní. Ẹ fún un ní méjì ní aago mẹ́wàá alẹ́ òní. Lọ́la Ọjọ́rú, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ọ̀tunla Ọjọ́bọ̀, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ó parí nìyẹn. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ lò ó, kó jẹun sí i."

"Èkejì ni olómi yìí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná nìkan ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ rọ ọ́ dé ìlà yìí. Bẹ́ ẹ bá ti fún un, ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà pé kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíràn. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ẹ gbé e padà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, ẹ má dúró de ọjọ́ náà, ẹ gbé e wá."

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé "ẹ lo méjì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́." Méjì àti ẹ̀ẹ̀mejì jọra létí, ẹni tí ojú ń pọ́n nítorí ọmọ lè gbọ́ ọ̀kan kó mú èkejì. Àárọ̀ àti alẹ́ kò ṣeé ṣì gbọ́. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò yọ nǹkan kan kúrò. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ dúdú yẹn lè dà bí àfikún lásán, ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n ń pè ní atẹsunéètì, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ̀ sì lè jẹ́ àmì rẹ̀. Ìdí kan náà ni wọ́n ṣe ní kó padà wá.

Ìyá lè béèrè pé, "Bó bá bì í ńkọ́?" Ìwé náà kò sọ ọ́. Ẹni tó ń kà á lè ti gbọ́ ìdáhùn níbòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò dáhùn. Kó mú ìbéèrè náà lọ bá nọ́ọ̀sì, kó sì mú èsì bọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010 láti àdúgbò Bírọ́ńsì, ní Niu Yọ́ọ̀kì, wo ìwé ìlò oògùn tí ilé oògùn ń fi ẹ̀rọ túmọ̀ sí èdè Sípéènì. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "once", tó túmọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan, tí wọn kò bá túmọ̀ rẹ̀, mọ́kànlá ni ẹni tó ń ka Sípéènì yóò pè é.

Ohun méjì ló kù kí ìyá tó dìde. Èkínní, kí ẹni tó kà á má bi í pé, "Ṣé ó yé yín?" nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ. Kó ní, "Ìyá, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà, kí n lè mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ re." Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kó tún sọ. Èkejì, kó fa ilà márùn-ún sára páálí, ìyá á máa pa ọ̀kan rẹ́ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Hóró méjìlá ni gbogbo oògùn náà. Ọmọ ti lo méjì lọ́pítà, mẹ́wàá ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ìyá. Kí wọ́n kà á níbẹ̀. Bí kò bá pé mẹ́wàá, tàbí tó bá lé, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gun ọ̀kadà relé.