Kí Ẹ Tó Fi Ìràwọ̀ Wá Olólùfẹ́

"Ṣé Akàn àti Akọ Màlúù lè fẹ́ra?" Irú ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń fi ìràwọ̀ wá olólùfẹ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n fi ọjọ́ ìbí mọ̀ yẹn kò sọ ju ibi tí oòrùn wà lọ́jọ́ náà lọ. Ohun mẹ́ta làwọn awòràwọ̀ máa ń kà pọ̀: pílánẹ́ẹ̀tì, àmì àti ilé.

Pílánẹ́ẹ̀tì ń sọ ohun tí wọ́n ń wò lára ènìyàn, wọ́n sì ka oòrùn àti òṣùpá mọ́ ọn. Oòrùn dúró fún irú ẹni tí ó jẹ́, òṣùpá fún ohun tó ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Fénúsì, ìyẹn àgùàlà tí àwa ń pè ní ajá òṣùpá, ló ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àmì méjìlá ń sọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń hàn. Oòrùn ń lo bí oṣù kan nínú àmì kọ̀ọ̀kan, òṣùpá bí ọjọ́ méjì àbọ̀. Ilé méjìlá ló ń sọ apá ìgbésí ayé tí ọ̀rọ̀ kàn: ilé kejì ni owó, ìkẹrin ni ìdílé, ìkeje ni ìgbéyàwó.

Ẹ wo ti Diana, ìyàwó Ọba Charles nígbà kan, tí wọ́n bí ní Sandringham lọ́jọ́ 1 oṣù Keje 1961. Oòrùn rẹ̀ wà nínú Akàn, Fénúsì nínú Akọ Màlúù, òṣùpá nínú Apọnmi. Awòràwọ̀ á ní Fénúsì yẹn ń wá ìfẹ́ tí kì í yẹ̀, òṣùpá yẹn sì fẹ́ kí wọ́n fún òun láyè. Ẹni tó mọ Akàn nìkan kò rí ìkankan nínú méjèèjì.

Wákàtí ìbí ni wọ́n fi ń mọ ilé, nítorí àmì tó ń yọ ní ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń ka ilé, ń yí padà ní bíi wákàtí méjì méjì. Aago méjì ibi tí wọ́n ti ń sọ wákàtí ìbí Diana: aago méjì ọ̀sán àti aago 7:45 ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ 7:45, ìlànà Placidus tí ọ̀pọ̀ ń lò fi oòrùn rẹ̀ sí ilé keje, ilé ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ aago méjì, oòrùn kan náà bọ́ sí ilé kẹsàn-án, ilé ìrìn àjò àti ẹ̀kọ́. Kódà ní 7:45, àwọn tó ń fi àmì kan ṣe ilé kan yóò fi í sí ìkẹjọ.

Ní 1985, Shawn Carlson gbé ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: àwọn awòràwọ̀ kò lè so àwòrán ìràwọ̀ mọ́ ẹni tó ni ín ju bí ẹni tó ń méfò lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ ilé keje yín láì béèrè wákàtí ìbí yín, ẹ má fetí sí i. Bí ó tilẹ̀ béèrè, ẹ má torí rẹ̀ kọ ẹni tí ìwà rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn.